Bí Akápò Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú Ṣe Lè Kọ Ímeèlì Tí Yóò Fi Fa Iṣẹ́ Lé Akápò Tuntun Lọ́wọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ọjọ́ tí wọ́n bá búra fún ìgbìmọ̀ tuntun ni akápò àtijọ́ máa ń kó ìwé owó, ìwé sọ̀wédowó àti rìsíìtì fún ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn á ya fọ́tò, wọn á jẹun, ó parí. Ohun tí kò sí nínú àpò tí wọ́n gbé fún un ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: àwọn wo ni báńkì ṣì mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń buwọ́ lùwé, fóònù ta ni nọ́ńbà àṣírí àkáǹtì ẹgbẹ́ ń wọlé sí, èwo nínú àwọn sọ̀wédowó tí a ti kọ ni ẹni tó gbà á kò tíì gbé lọ sí báńkì. Ímeèlì ìfàṣẹ́lélẹ̀ ni ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ kí ó wà ní kíkọ, nítorí pé ó ní ọjọ́ lórí, ẹ̀dà rẹ̀ sì máa ń wà lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ.

Akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC ní Nàìjíríà ni mo ní lọ́kàn níbí. Mo gbà pé ẹgbẹ́ náà ní àkáǹtì kan ní báńkì, àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì kan lọ́dọ̀ Gúúgù, àti síìmù kan tí wọ́n rà ní orúkọ ẹgbẹ́. Akọ̀wé tàbí olùṣirò owó ilé-iṣẹ́ lè lo ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ báńkì ti ẹgbẹ́ le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, nítorí pé gbogbo ẹni tó ń buwọ́ lùwé ló sábà máa ń kúrò lórí àlééfà lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ parí ti báńkì kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé akápò tuntun ni yóò lọ fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì. Báńkì kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn tí báńkì mọ̀ ni àwọn tí ìbuwọ́lùwé wọn wà nínú fáìlì, àwọn yẹn gan-an ló sì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò, kí wọ́n sì fi àwọn tuntun rọ́pò. Bí akápò àtijọ́ bá ti kó lọ sí Àbújá tàbí tó ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun kí ó tó buwọ́ lu lẹ́tà yìí, owó ẹgbẹ́ lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án.

Ìwé tí àwọn báńkì sábà máa ń béèrè kò pọ̀. Wọ́n á béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti yan àwọn tuntun, èyí tí alága àti akọ̀wé buwọ́ lù. Wọ́n á béèrè lẹ́tà lórí ìwé olórúkọ ẹgbẹ́, tí a kọ sí máníjà ẹ̀ka tí àkáǹtì náà wà. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà BVN, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò pélébé àti ẹ̀rí àdírẹ́ẹ̀sì ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan tí yóò máa buwọ́ lùwé. Ẹ pe ẹ̀ka báńkì yín kí ẹ mọ èyí tí wọ́n fi kún un. Lójú tèmi, ọjọ́ ìbúra gan-an ló dára jù láti buwọ́ lu lẹ́tà yẹn, nítorí pé ó lè má tún sí ọjọ́ mìíràn tí àwọn àtijọ́ àti àwọn tuntun yóò pàdé lábẹ́ òrùlé kan.

Láàárín ọjọ́ tí lẹ́tà wọ báńkì àti ọjọ́ tí wọ́n jẹ́rìí sí àyípadà náà, àwọn àtijọ́ nìkan ni ìbuwọ́lùwé wọn ń ṣiṣẹ́. Èyí gbọ́dọ̀ wà nínú ímeèlì náà ní kedere, pẹ̀lú òfin kan: pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn àtijọ́ kò ní buwọ́ lu sọ̀wédowó kankan àyàfi tí alága tuntun bá kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ó ń dáàbò bo ẹni tó ń lọ bó ṣe ń dáàbò bo ẹni tó ń bọ̀.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń fi owó ránṣẹ́ lórí ìkànnì báńkì, ẹ rántí pé ẹnì kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìsanwó, ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ sí i. Tókìn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ nọ́ńbà jáde, jẹ́ ti ẹni tí báńkì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹ má fà á lé akápò tuntun lọ́wọ́ kí ó máa fi orúkọ yín sanwó. Báńkì ni kí ẹ dá a padà fún, kí wọ́n fún un ní tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Àkáǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó ní pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì kan kì í ṣe ẹni tó ni ín tán. Ẹni tí Gúúgù yóò fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí nígbà tí nǹkan bá dojú rú ló ni ín. Akápò tuntun lè máa lo ímeèlì ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́ta láìsí ìṣòro, kí ó wá ra fóònù tuntun, kí Gúúgù sì ní kí ó tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù akápò tó ti kúrò. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn kiri.

Ẹ jókòó papọ̀ ní ojúkojú, kí ẹ ṣí ojú ìwé ààbò àkáǹtì náà, kí ẹ sì tẹ̀ lé e báyìí. Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà síìmù ẹgbẹ́ sí `Recovery phone`, kí ó má jẹ́ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí `2-Step Verification`, kí ẹ fi fóònù akápò tuntun kún un, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó yọ tiyín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ lè ti gbogbo yín mọ́ta. Níbi `Backup codes`, ẹ ní kí wọ́n ṣe tuntun: mẹ́wàá ni wọ́n máa ń jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ti ṣe tuntun, ti àtijọ́ kò wúlò mọ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí akọ̀wé fi ẹ̀dà kan pamọ́. Níkẹyìn, akápò tuntun á yí pásíwọ́ọ̀dù padà fúnra rẹ̀, ẹ̀yin ẹ ó wojú síbòmíràn, òun náà á sì lọ sí `Your devices` láti yọ fóònù àti kọ̀ǹpútà yín kúrò.

Ọ̀nà láti mọ̀ pé ó yanjú ni pé kí akápò tuntun jáde kúrò nínú àkáǹtì náà pátápátá lórí fóònù rẹ̀, kí ó sì tún wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀. Bí fóònù yín bá dún, iṣẹ́ kò tíì parí.

Síìmù ẹgbẹ́ náà fẹ́ àkíyèsí. Lábẹ́ ìlànà àjọ NCC, nọ́ńbà tí a kò fi pe ẹnikẹ́ni, tí a kò sì fi ṣe ohun tó ń mówó wọlé fún ilé-iṣẹ́ fóònù fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bí ó bá tún pé oṣù mẹ́fà mìíràn, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì pé kí akápò tuntun máa ra káàdì sí i, kí ó sì máa fi pe ènìyàn lóṣooṣù.

Ní ti àwọn fáìlì, ẹ wò ó bóyá àkáǹtì ẹgbẹ́ ló ni wọ́n tàbí àkáǹtì tiyín. Líǹkì tí ẹ fi ránṣẹ́ kò sọ akápò tuntun di onífáìlì. Ọjọ́ tí ẹ bá pa fáìlì náà rẹ́ nínú àkáǹtì yín, ó ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú fódà tó wà nínú àkáǹtì ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ fódà náà sínú ímeèlì gẹ́lẹ́ bó ṣe wà.

Pásíwọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ sí nínú ímeèlì yìí rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni BVN ẹnikẹ́ni. Ímeèlì náà yóò wà nínú àpótí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìbéèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Iye tó wà ní báńkì àti iye tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ láti ná

Ibí yìí ni mo ti máa ń rí àṣìṣe tó le jù nínú irú ímeèlì yìí. Akápò á kọ ìlà kan ṣoṣo pé owó tó wà ní báńkì jẹ́ báyìí báyìí, ìgbìmọ̀ tuntun á sì fi iye yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìnáwó. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é.

Ká sọ pé àkọsílẹ̀ báńkì ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 2025 fi hàn pé ₦1,248,500 ló wà nílẹ̀. A kọ sọ̀wédowó ₦85,000 fún onígbọ̀ngàn ní 18 oṣù keje, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e lọ sí báńkì. Owó yẹn kì í ṣe tiwa mọ́, ó kù ₦1,163,500. Nínú èyí, ₦400,000 jẹ́ gbèsè tó kù fún ẹni tó ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, tí a ti ṣàdéhùn rẹ̀ ní kíkọ. Ó kù ₦763,500. ₦20,000 sì wọlé ní oṣù kẹjọ tí a kò mọ ẹni tó san án, nítorí pé kò kọ orúkọ sí i. Ó lè jẹ́ owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ṣìnà nọ́ńbà àkáǹtì. Títí a ó fi mọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Owó tí ìgbìmọ̀ tuntun lè pinnu lé lórí jẹ́ ₦743,500, èyí tó dín ní ₦505,000 sí ohun tó hàn lójú àkọsílẹ̀ báńkì.

Ẹ kọ ìṣirò náà sínú ímeèlì ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ sì so àkọsílẹ̀ báńkì mọ́ ọn. Sọ̀wédowó máa ń kú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ti onígbọ̀ngàn yóò kú, ìyẹn 18 oṣù kìíní ọdún 2026. Bí kò bá gbé e lọ kí ọjọ́ yẹn tó pé, owó náà ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹgbẹ́, wọn yóò sì ní láti kọ òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Iṣẹ́ tó kù nílẹ̀

“Ọ̀rọ̀ kànga ṣì wà nílẹ̀” kò sọ ohunkóhun fún ẹni tó ń bọ̀. Nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ mọ ibi tí a bá a dé, ohun tó kàn, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá, àti ibi tí ìwé rẹ̀ wà. Ẹ fi èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù ṣáájú, kì í ṣe èyí tó tóbi jù.

Ohun kan wà tí àwọn akápò kì í fẹ́ kọ, tó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: àwọn ohun tí a fẹnu bá ènìyàn sọ. Agbaṣẹ́ṣe tó ń gbẹ́ kànga lè ti sọ pé òun gbẹ́ jìnnà ju àdéhùn lọ, kí wọ́n fi ₦100,000 kún un. Bí ìgbìmọ̀ àtijọ́ kò bá gbà, kí ẹ kọ ọ́ pé a kò gbà. Bó bá sì jẹ́ pé alága àtijọ́ ní “a ó wò ó”, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tí ìgbìmọ̀ tuntun bá wọlé ni agbaṣẹ́ṣe yóò dé pé wọ́n ti ṣèlérí fún òun.

Iṣẹ́ kan tí kò gbọdọ̀ sọnù ni ìwé ọdọọdún tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi ṣọwọ́ sí CAC. Òfin CAMA ọdún 2020 ní kí irú ẹgbẹ́ yìí fi ìwé náà ránṣẹ́ láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá ọdọọdún. Bí ẹgbẹ́ bá búra fún ìgbìmọ̀ tuntun ní oṣù kẹsàn-án, àárín gbùngbùn àkókò yẹn ló bọ́ sí: ẹni tó ń lọ á rò pé tuntun ni yóò ṣe é, ẹni tó ń bọ̀ á rò pé wọ́n ti ṣe é. Ẹ kọ ọ́ bóyá a ti ṣe é, kí ẹ sì so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi kún un pé orúkọ àwọn alámòójútó tí CAC forúkọ wọn sílẹ̀ kì í yí padà kìkì nítorí pé ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ yí padà, kí akápò tuntun má bàa lọ fi owó wá bí wọn yóò ṣe yí orúkọ tí kò yẹ ní yíyí padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àwọn ènìyàn

Ipò ni kí ẹ kọ ṣáájú orúkọ, nítorí pé báńkì máa ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. Lẹ́yìn ipò, ẹ kọ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ pè é, àti ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó àkáǹtì wa lè bá wa tọ lẹ́tà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sí ìyípadà àwọn tó ń buwọ́ lùwé. Fóònù ọ́fíìsì sàn ju ti ara ẹni lọ. Bó bá jẹ́ ti ara ẹni nìkan ló wà, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onífóònù kí ẹ tó kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wà nínú ímeèlì. Òfin ìdáàbòbo ìsọfúnni ara ẹni ti ọdún 2023 de ẹgbẹ́ náà. Inú fódà ni kó wà.

Ẹ pe agbaṣẹ́ṣe, onígbọ̀ngàn àti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò kí ẹ tó fi ímeèlì náà ránṣẹ́, kí ẹ sọ ẹni tó gba ipò fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kíkọ ọ́

Akápò tuntun ni ímeèlì náà ń lọ sí. Ẹ fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí alága tuntun, akọ̀wé tuntun àti alága àtijọ́. Láti àdírẹ́ẹ̀sì tiyín ni kí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí ti ẹgbẹ́, nítorí pé ti ẹgbẹ́ ti di ti ẹlòmíràn. Kí ojúlówó ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ju ohun tí ènìyàn lè kà lórí fóònù láìsinmi. Àwọn ìwé gígùn á wà ní síso mọ́ ọn. Báyìí ni ó lè rí:

> Àkọlé: Ìfàṣẹ́lélẹ̀ akápò, 6 oṣù kẹsàn-án 2025: àkáǹtì, iṣẹ́ tó kù, àwọn ènìyàn
>
> Ẹ̀gbọ́n wa, Akápò, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìnáwó àná.
>
> Nǹkan méjì ló ń dúró dè yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: kí ẹ gbé BVN àti káàdì ìdánimọ̀ yín lọ sí ẹ̀ka báńkì wa, kí ẹ sì ra káàdì sórí síìmù ẹgbẹ́.
>
> Báńkì: A ti buwọ́ lu lẹ́tà ìyípadà lánàá, ẹ̀dà rẹ̀ wà ní síso (ìwé 1). Títí báńkì yóò fi jẹ́rìí sí i, àwa àtijọ́ ni ìbuwọ́lùwé wa ń ṣiṣẹ́. A kò ní buwọ́ lu ohunkóhun láìsí lẹ́tà alága tuntun.
>
> Owó: Báńkì ní ₦1,248,500 ní 31 oṣù kẹjọ. Ẹ yọ sọ̀wédowó onígbọ̀ngàn ₦85,000, owó kànga ₦400,000, àti ₦20,000 tí a kò mọ ẹni tó san án. Ó kù ₦743,500 (ìwé 2).
>
> Ímeèlì ẹgbẹ́: Ẹ ti yí pásíwọ́ọ̀dù padà fúnra yín. Fóònù mi kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ní ẹ̀dà àwọn nọ́ńbà ìpamọ́.
>
> Iṣẹ́ tó kù: (1) Kànga: ₦250,000 ni a ti san nínú ₦650,000. Ẹ san ìyókù nígbà tí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ bá rí i pé ẹ̀rọ ń fa omi, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe béèrè ₦100,000 lé e, a kò gbà, a kò sì ṣèlérí. (2) CAC: a kò tíì fi ìwé ọdún yìí ránṣẹ́. Ìwé owó wà lọ́dọ̀ ayẹ̀wéwò. Ó gbọ́dọ̀ wọlé kí ó tó di 31 oṣù kejìlá. (3) Sọ̀wédowó onígbọ̀ngàn yóò kú ní 18 oṣù kìíní 2026.
>
> Àwọn ènìyàn: ìwé 3.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì pé ẹ ti rí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì kọ èyí tí kò bá yé yín. Títí di ìparí oṣù kọkànlá, ẹ lè kọ̀wé béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Àbúrò ló kọ èyí sí ẹ̀gbọ́n, ìdí nìyẹn tí ìkíni fi rí bẹ́ẹ̀. Bí akápò tuntun bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ ṣì máa lo “ẹ” fún un, nítorí pé ipò ni ẹ ń kọ̀wé sí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́

Èsì tí ẹ ń dúró dè kì í ṣe “ẹ ṣeun” lásán. Kí akápò tuntun kọ iye owó náà padà pé òun gbà á bẹ́ẹ̀. Bí kò bá fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe alága, ẹ má pe òun, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni. Ìbéèrè tó bá tún wá, ẹ fi ímeèlì dáhùn, kódà bó bá jẹ́ orí Wáásáàpù ló ti béèrè, kí ìdáhùn lè wà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

Ẹ máa wo fóònù yín. Bí àlááàtì báńkì ẹgbẹ́ bá ṣì ń wọlé sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ pé ìyípadà parí, wọ́n yí àwọn tó ń buwọ́ lùwé padà, ṣùgbọ́n wọn kò yí nọ́ńbà àlááàtì, èyí tó sábà máa ń ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ sọ fún akápò tuntun kí ó lọ béèrè fọ́ọ̀mù náà. Bó bá sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ báńkì ló pè yín láti jẹ́rìí sí sọ̀wédowó kan, orúkọ yín ṣì wà nínú fáìlì wọn. Ẹ sọ fún un pé ẹ kì í ṣe akápò mọ́, ẹ má jẹ́rìí sí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti àkókò ìpè náà ránṣẹ́ sí alága lọ́jọ́ kan náà.